Bókè Nínú Àwòrán Òpópónà Alẹ́

Bókè ni òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ tí iná tó jìnnà máa ń dà nínú fọ́tò nígbà tí lẹ́ńsì kò bá dojú kọ ọ́. Lẹ́ńsì kékeré ti fóònù kì í sábà gbé e jáde, ṣùgbọ́n a lè fi Photoshop dá a.

Ká mú fọ́tò obìnrin tó wọ àdìrẹ ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 2000. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lẹ́yìn obìnrin náà di bàìbàì; bí orúkọ ara ìsọ̀ bá ṣì ṣeé kà, òbìrìkìtì yóò dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn. A ó mú `Ellipse Tool`, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kí a tó tẹ `Shift` mọ́lẹ̀, a ó sì ya òbìrìkìtì tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 60 sórí iná kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọ̀ iná náà gan-an: pupa fún iná ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyeyè fún gílóòbù ìsọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó yan gbogbo ìpele òbìrìkìtì, a ó sọ wọ́n di `Smart Object` kan kí ó lè ṣeé tún ṣe, a ó yí i sí `Screen`, a ó dín `Opacity` kù sí 40%, a ó sì fún un ní `Gaussian Blur` píksẹ́lì 4.

Etí òbìrìkìtì ni kí a wò. Ó yẹ kó rọ̀, ṣùgbọ́n kó ṣì hàn. Bí bàìbàì náà bá pọ̀ jù, yóò di ìkùukùu. Àwọn iná tó jìnnà gan-an máa ń fẹ̀ dọ́gba, nítorí náà kí ìwọ̀n wọn má yàtọ̀ púpọ̀. Èyí tó bá bọ́ sórí gèlè obìnrin náà, `Layer Mask` ni a ó fi bò ó. Lórí ògiri funfun tí iná tàn sí, `Screen` kò lè fi nǹkan kan hàn.