Ìdógò tí kì í dúró de olóhun: ẹ̀yáwó ra ìpín ìdókòwò ní ọdún 2008

Ní ayé àtijọ́, bí bùkátà bá ká àgbẹ̀ kan mọ́ ní Òfìkì tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà náà sì jẹ́ èlé orí owó. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fi oko dógò, kí ẹni tó yá a lówó máa jẹ èso oko náà títí di ọjọ́ tí ojú owó bá pé. Ìnira wà nínú ètò yìí, pàápàá fún ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà, kò sì sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kó padà wá. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ ká fiyè sí: olówó kì í ta oko nítorí pé iye rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí iṣu kò bá lówó lórí lọ́dún yìí, oko ṣì wà níbẹ̀, onígbèsè sì lè dúró de ọdún tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà yá láti fi ra ìpín ìdókòwò kí ọjà tó dàrú ní ọdún 2008 kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, pàṣẹ pé kí olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25, kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 wọ inú ètò náà. 25 ló jáde. Láti rí owó yìí, àwọn báńkì ta ìpín fún ará ìlú, olùkọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sì rà á. Nígbà tí owó wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn báńkì ju iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ṣe lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá a fún àwọn alágbàtà ọjà ìpín àti àwọn oníbàárà wọn, kí wọ́n fi ra ìpín sí i. Ìpín àwọn báńkì fúnra wọn sì wà lára èyí tí wọ́n ń rà jù lọ. Owó báńkì ló ń gbé iye báńkì ga. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí a fi ń wo gbogbo ìpín ọjà náà dé 66,371, ibi tí kò dé rí.

Màájìn ni àwọn oníṣòwò ọjà ń pe irú ẹ̀yáwó yìí. Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣe àpẹẹrẹ, ẹni àfinúrò tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní pàtó. Ó ní 500,000 náírà. Alágbàtà bá a yá 1,000,000 sí i, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín 50,000 ní 30 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìpín náà ni ìdógò. Bí ìpín bá gòkè dé 39 náírà, ohun tó rà di 1,950,000. Bí a bá yọ gbèsè kúrò, ohun tó kù fún un jẹ́ 950,000. Ọjà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, owó tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. A kò tíì ka èlé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí èlé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Nínú ìwé àdéhùn rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí kò kà dáadáa: ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ dín sí ìdá mẹ́rin iye ìpín náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ irú òfin yìí lè ṣírò rẹ̀ kó tó yáwó rárá. Kó pín gbèsè rẹ̀ sí mẹ́ta, kó sì fi ìdá kan nínú rẹ̀ kún gbèsè náà. Ti olùkọ́ wa jẹ́ nǹkan bíi 1,333,000, ìyẹn ni pé bí ìpín bá já díẹ̀ sísàlẹ̀ 27 náírà, ìpè yóò dé. Kò tilẹ̀ tíì já tó 4 náírà.

Ká ní ó já dé 25. Ìpín rẹ̀ di 1,250,000, gbèsè ṣì jẹ́ mílíọ̀nù kan, tirẹ̀ sì ku 250,000, ìyẹn ìdá márùn-ún. Alágbàtà pè é pé kó mú 62,500 náírà wá kíákíá. Bí kò bá rí i mú wá, wọn yóò ta ìpín 10,000 ní 25 náírà láti fi 250,000 dín gbèsè kù. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Kí ìpè tó dé, orí ìwé lásán ni àdánù rẹ̀ wà, nítorí ìpín tó já lónìí lè gòkè lọ́la. Lẹ́yìn títà, 5 náírà lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ 50,000, ti lọ pátápátá. Bí ọjà bá tún já dé 24, ìpè mìíràn dé, wọ́n tún ta 5,000. Ó ku ìpín 35,000 àti gbèsè 630,000. Bí ó bá dé 18 náírà láìsí pé ẹnikẹ́ni tún rí ìpín rà lọ́wọ́ rẹ̀, 630,000 ni ìpín náà pé, gbèsè rẹ̀ sì nìyẹn géérégé. Kò ní kọ́bọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi 500,000 tirẹ̀ nìkan rà á lọ́jọ́ kan náà ṣì ní nǹkan bíi 300,000, kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú un tà.

Ní ọdún 2008, àwọn tó wà ní ipò olùkọ́ yìí kì í ṣe ẹnì kan. Bí ọjà ṣe ń já, ìpè ń dé bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Títà tí wọ́n ń tà sì ń mú kí ọjà já sí i, kí ìpè sì dé bá àwọn ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà gbìyànjú láti dá a dúró: wọ́n ní ìpín kankan kò gbọdọ̀ já ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, dípò ìdá 5 àtẹ̀yìnwá. Èrò rere ni, àmọ́ wo ohun tó ṣe fún onígbèsè. Ẹni tó mọ̀ pé ìpín ṣì máa já lọ́la, kí ni yóò rà á lónìí fún? Olùtà pọ̀, olùrà kò sí. Ní ìdá 1 lójúmọ́, láti 24 dé 18 náírà á gba nǹkan bí ọjọ́ ọjà 29, onígbèsè yóò sì máa wò ó lójoojúmọ́ láìrí ìpín tà. Kí ọdún tó parí, wọ́n yí òfin náà padà. Òṣùwọ̀n ọjà parí ọdún náà ní nǹkan bí 31,450, kò tó ìdajì ibi tó ti dé.

Àwọn báńkì náà kò mórí bọ́, nítorí pé ìdógò tí wọ́n dì mú kò tó san gbèsè mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, gómìnà tuntun, Sanusi Lamido Sanusi, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, ó sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà. Ẹ̀yáwó ra ìpín wà lára àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́ tó mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010 ni ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti ra irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Nígbà tí ọdún 2012 ń parí lọ, ìjọba kéde pé òun dárí gbèsè bílíọ̀nù 22.6 náírà ji ilé-iṣẹ́ alágbàtà 84. Ìpín tí a ti tà ní 25 àti 24 náírà kò tìtorí ìyẹn padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n ọjà náà tó kọjá 66,371 padà. Náírà ọdún 2023 kò sì rà tó ti 2008, nítorí náà ẹni tó fi owó tirẹ̀ rà, tó sì dúró fún ọdún 15, kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè. Ṣùgbọ́n ó ráyè dúró.