Ìràwọ̀ márùn-ún lórí ọjà orí ayélujára: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí wọ́n fowó rà

Ẹni tó bá fẹ́ ra páwà báńkì ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, yóò gbé e lọ́wọ́, yóò wo bó ṣe wúwo sí, yóò sì bá ọlọ́jà ná an. Ẹni tó fẹ́ rà á lórí Jumia tàbí Konga kò ní àǹfààní yẹn. Àwòrán ló máa rí, àti iye owó, àti ìràwọ̀ táwọn tó ti rà á ṣáájú fún un. Ìràwọ̀ yìí ló dúró fún ọwọ́ tí ẹ fi ń kan ọjà. Ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́jà kan fi ń fowó rà á.

Owó lè ra "Verified" pẹ̀lú

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí wọ́n bá ti rí "Verified Purchase" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí àkọlé yẹn ń sọ kò ju pé ẹnì kan ra ọjà náà lórí ìkànnì ọ̀hún. Kò sọ ẹni tó san owó rẹ̀. Ọlọ́jà lè ní kí ẹnì kan ra ọjà, kó dá owó rẹ̀ padà fún un níkọ̀kọ̀, kó sì fi nǹkan díẹ̀ lé e. Ìràwọ̀ márùn-ún lẹni náà máa fi san án padà.

Ẹjọ́ kan tó wáyé ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká mọ bí òwò yìí ṣe ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àjọ FTC tó ń rí sí ìṣòwò níbẹ̀ kéde ẹjọ́ tó pe iléeṣẹ́ Cure Encapsulations, tó ń ta oògùn ìfọnra lórí Amazon. Wọ́n ní iléeṣẹ́ náà sanwó fún ìkànnì kan tó ń jẹ́ amazonverifiedreviews.com pé kó bá òun kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Gẹ́gẹ́ bí FTC ṣe sọ, ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà ṣàlàyé fún wọn pé ọjà òun gbọ́dọ̀ ní 4.3 nínú 5 kó tó lè tà. Ẹ kíyè sí i: máàkì tó wà lókè ojúewé lọkùnrin yìí ń lé. Nítorí náà, máàkì yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ tú máàkì náà wò

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, tí a fi ṣe àlàyé lásán. Páwà báńkì 20000mAh kan wà lórí ìkànnì, èèyàn 60 ló fún un ní ìràwọ̀, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 4.5. Lójú, ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ ibi tí ìràwọ̀ wà, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe pín in. Èèyàn 52 fún un ní 5, kò sẹ́ni tó fún un ní 4 tàbí 3, ẹnì kan fún un ní 2, èèyàn 7 sì fún un ní 1.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó kọ yín lóminú ni àárín tó ṣófo yẹn. Ọjà tó dáa lóòótọ́ máa ń ní 4 tó pọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn kan á ní ó dáa àmọ́ okùn rẹ̀ kúrú, àwọn mìíràn á ní ó wúwo. Tó bá jẹ́ 5 tàbí 1 nìkan ló wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀: àwọn tí wọ́n sanwó fún, àtàwọn tó sanwó ara wọn.

Ẹ wá wo ọjọ́. Nínú 52 yẹn, 40 ló wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré nínú oṣù kẹta, kò sí sí ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá yọ 40 yìí kúrò, èèyàn 20 ló kù: 12 fún un ní 5, ẹnì kan fún un ní 2, èèyàn 7 fún un ní 1. Àpapọ̀ ìràwọ̀ wọn jẹ́ 69. Ẹ pín in sí 20, ẹ máa rí 3.45. Ọjà tó ń jẹ́ 4.5 ti di 3.45.

Ẹ má kánjú dá ẹjọ́ o. Nígbà Black Friday ní oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ọjà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìràwọ̀ wọn á sì wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Bákan náà, "Good" tàbí "I like it" tó pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìwà jìbìtì, torí bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó fu yín lára ni ọ̀rọ̀ gígùn tó jọra, tí orúkọ ọjà wà nínú rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ọlọ́jà ń polówó.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà kọ

Láti mọ èyí, ẹ ṣí ojúewé náà nínú Chrome, ẹ mú gbólóhùn kan tó gùn tó ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ẹ fi àmì yìí " " sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, kí ẹ wá a lórí Google. Tó bá jáde lábẹ́ ọjà mìíràn, wọ́n dà á kọ ni. Ẹ tún wò ó bóyá ọjà tí wọ́n ń sọ ni ẹ̀yin ń wò. Tí ẹnì kan bá ń yin bàtà lábẹ́ páwà báńkì, a jẹ́ pé ọlọ́jà ti pààrọ̀ ọjà lórí ojúewé tó ti ní ìràwọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí òótọ́ máa ń wà

Ẹ ka àwọn tó fún un ní 1 àti 2, kí ẹ sì ya ẹ̀sùn wọn sọ́tọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, méjì nínú àwọn 7 ní ó pẹ́ kó tó dé Ìkẹ́rẹ́. Ẹjọ́ àwọn tó gbé e wá nìyẹn, kì í ṣe ti páwà báńkì. Márùn-ún yòókù kọ̀wé ní oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èdè wọn ò jọra, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n sọ: kò lè ṣáàjì fóònù kún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí èèyàn márùn-ún bá sọ ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Ẹni tó lo nǹkan máa ń mọ iye tó ṣe. 20000mAh tó péye máa ń ṣáàjì fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000mAh ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kì í pé mẹ́rin, torí agbára kan máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ pé "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lò ó nígbà tí BEDC mú iná lọ" jọ ẹni tó lò ó. Ti ẹni tó kọ̀wé lọ́jọ́ tí ọjà dé gan-an kò wúlò púpọ̀, kódà tó bá jẹ́ olóòótọ́. Páálí ló yìn, kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lórí Jiji, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọlọ́jà ni àwọn oníbàárà ń sọ nípa rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọjà kan pàtó. Ibẹ̀ kọ́ lẹ sì máa ń san owó sí. Ẹ lọ wo ọjà náà lójú kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Òfin ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin FTC tó ka rírà àti títa ọ̀rọ̀ oníbàárà irọ́ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi irọ́ tan oníbàárà, àjọ FCCPC ló sì ń gba ẹ̀sùn. Tí ọwọ́ bá ti bà yín, ẹ ya àwòrán ojúewé ọjà náà kó tó yí padà, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì dá ọjà padà kí iye ọjọ́ tí ìkànnì fún yín tó pé. Tí ẹ bá máa kọ èrò tiyín, ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ iye ìgbà tó ṣáàjì fóònù yín. Ìlà kan yẹn á wúlò fún ẹni tó kàn ju ìràwọ̀ márùn-ún lọ.