Bí Àwọn Òbí Àgbà Ṣe Lè Gbọ́ Orin Lórí Fóònù Láìjẹ́ Kí Dátà Tètè Tán

Ẹ̀yin òbí wa, Audiomack ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀fẹ́ ni a lè gbọ́ orin níbẹ̀. Ẹ tan dátà, ẹ ṣí Play Store, ẹ wá Audiomack, kí ẹ sì fọwọ́ kan Install. Bí ó bá wọlé tán, ẹ fi ímeèlì yín forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ sanwó, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báńkì síbẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kan Search, ẹ kọ Ebenezer Obey, ẹ yan orin kan. Yóò máa dún, ṣùgbọ́n dátà ni ó ń jẹ. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kan ọfà tí ó kọjú sísàlẹ̀, kí orin náà lè wọ inú fóònù. Ẹ ní sùúrù: àwọn orin Obey àtijọ́ mìíràn gba odidi ojú àwo kan, wọn kì í tètè wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa dátà, ẹ ṣí Library, ẹ fọwọ́ kan orin náà. Bí ó bá dún, ó ti wà nínú fóònù. Bí ó bá dákẹ́, kò tíì wọlé tán. Ẹ tan dátà padà, kí ẹ tún ọfà náà tẹ̀.