Ìléròrò Awọ Orí àti Ojú Wíwú Lẹ́yìn Aró Irun tàbí Làálì Dúdú

Ìléròrò awọ orí pẹ̀lú ojú wíwú lẹ́yìn aró irun sábà máa ń fi hàn pé ara ti kọ páárà-fẹ́nílíìnì-dáyámáìnì (PPD), èròjà tó ń mú aró náà dúdú. Pupa tó ṣú díẹ̀ ni àwọ̀ làálì gidi. Wọ́n sábà máa ń po PPD púpọ̀ mọ́ èyí tó tètè dúdú kirikiri.

Bí a bá fi irú làálì bẹ́ẹ̀ ya òdòdó sí ọwọ́ ọmọdé, ojú ibẹ̀ lè máa yún, kí ó sì lé ròrò, nítorí pé agbára ìdáàbòbò ara ti ka èròjà náà sí ọ̀tá, kì í sì í sábà gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà, tó sì kun aró sí irun, awọ orí rẹ̀ lè máa ṣomi láàárín ọjọ́ 1 sí 3, kí ìpéǹpéjú sì wú débi tí ojú kò ní lè là.

Ó yẹ kí a fi omi púpọ̀ ṣan aró náà kúrò, kí a sì rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ahọ́n bá wú, tí mímí sì ṣòro, ọ̀nà ọ̀fun lè dí, ó sì lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni a gbọ́dọ̀ sáré lọ.