Ìbòjú

Nígbà tí ọdún Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe pátákó ìkíni ní Ìbẹ̀fun àti Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ yọ ẹlẹ́ṣin kan kúrò láàárín èrò inú fọ́tò, wọn a ní àwọn fẹ́ fi ìbòjú pa ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìbòjú kì í pa nǹkan rẹ́. “Bò” àti “ojú” ló di ìbòjú: ohun tí a fi bo ojú, tí ojú náà sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìyingin. Lórí kọ̀ǹpútà, a ó kọ́kọ́ fa ìlà ìṣàyàn yí ẹlẹ́ṣin náà ká, kí a tó tẹ Add Layer Mask. Ibi tó bá funfun lára ìbòjú a máa hàn, ibi tó dúdú a pamọ́, ibi tó ní àwọ̀ eérú a sì máa hàn fírífírí, èyí tó yẹ irun ìrù ẹṣin. Bí dúdú bá ṣèèṣì bo etí fìlà rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kùn ún, yóò padà. Ìparẹ́ kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀, ẹyin ni, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Báyìí ni a ṣe ń lò ó: “Mo fi ìbòjú bo èrò ẹ̀yìn, ẹlẹ́ṣin nìkan ló ń hàn.” Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìṣàyàn, tí í ṣe ààlà lásán, tí í lọ bí a bá tẹ ibòmíràn.

Ẹ tẹ́ àwọ̀ pupa sábẹ́ àwòrán náà wò: àwọ̀ ẹ̀yìn tó bá ṣẹ́kù yóò hàn bí okùn tín-ín-rín yí etí rẹ̀ ká. PNG ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, nítorí JPEG kì í gba àyè òfìfo; àwọ̀ funfun ni yóò sábà fi dí i.