Fọ́tò Ìdána Tí Ayàwòrán Tún Yà: Ìtàn Aṣọ àti Gèlè Nínú Fírémù

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, bí tọkọtaya bá ṣe ìdána tán, wọ́n lè mú ọ̀kan nínú fọ́tò wọn lọ bá ayàwòrán, kó fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tún un yà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ojú ni ọkọ àti ìyàwó máa kọ́kọ́ wò bóyá ó jọ wọ́n. Aṣọ ni ìyá ìyàwó máa wò. Òun ló yan aṣọ ẹbí, ó mọ iye tó rà á, bí gèlè ọmọ rẹ̀ sì ṣe dúró lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ tún fọ́tò ṣe nílẹ̀ wa. Nígbà tí Stephen Sprague, òyìnbó ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí nípa àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó rí i pé wọ́n lè tẹ àwòrán ọmọ kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí pépà kan, kó lè dúró fún ìbejì tó ti kú. Ṣùgbọ́n aṣọ ló le jù nínú irú iṣẹ́ yìí. Fíìmù dúdú àti funfun ti àtijọ́ kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa, dúdú ló máa ń sọ ọ́ dà. Nítorí náà àlàárì, tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, lè jáde dúdú ju ẹtù tí wọ́n pa láró lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, bí ayafọ́tò Solomon Osagie Alonge ṣe máa ń kun tirẹ̀ ní Ìbíní nígbà ayé rẹ̀, kò lè fi ojú lásán mọ àwọ̀ aṣọ. Ó di dandan kó bi ẹni tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́ẹ̀sì tún mú wàhálà mìíràn wá. Láti nǹkan bí 1960 sókè ni lẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Ọ́síríà ti gba òde l'Ékòó. Ihò àti òwú tó yọ síta ni ẹwà rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀, bí wọ́n bá sì kun ún, ńṣe ni ihò náà ń dí. Mo ti rí fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n kun báyìí: ojú dára, ọrùn dára, àmọ́ bùbá rí bí ìgbà tí wọ́n da ọ̀dà sórí ògiri.

Ní ti gèlè, ayafọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere ló yẹ kí ayàwòrán lọ kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ó sì ya gèlè náà lẹ́yìn náà. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù, ibi tí ìdí irun ti hàn. Fọ́tò ìdána kì í fi ẹ̀yìn hàn, ìdí nìyẹn tí gèlè inú àwòrán fi sábà máa ń dà bí fìlà.

Ká wá wo iṣẹ́ kan. Ìyàwó ró aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì tó ní ìlà wúrà, ó sì fi ìyókù rẹ̀ we gèlè. Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ó lè dín kù sí nǹkan bíi 1,600 píksẹ́lì ní gígùn, bẹ́ẹ̀ pépà A3 tó máa hàn kedere ń fẹ́ nǹkan bíi 4,961. Ìlà wúrà á ti pò mọ́ra kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bíi `Document` ni kí wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ayàwòrán á fa etí gèlè, á wá fa ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú orí lọ sókè. Ibí ni ọ̀lẹ ti máa ń ṣìṣe: á ya ègé aṣọ kan, á sì tẹ́ ẹ bo gbogbo gèlè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó fi ìka tọ ìlà wúrà kan lọ. Lójú gèlè gidi, ìlà náà á wọ inú ìṣẹ́po, á sá pamọ́, á sì yọ níbòmíràn. Bó bá lọ tààrà láti etí kan dé èkejì, títẹ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ. Ìró náà ní àmì tirẹ̀. Aṣọ òkè òfì ìbílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, nǹkan bí íńṣì 4 ní ìbú, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí ojú ìrán kò bá hàn nínú àwòrán, ẹni tó mọ aṣọ á rò pé àǹkárá ni.

Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Ìyàwó lè jẹ́ Ìjọ́, kó ró jọ́ọ̀jì méjì léra wọn, kí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Ìlàjẹ. Bí ayàwòrán bá fi gèlè Yorùbá tó ti mọ̀ ọ́n yà dé e lórí, ẹbí ìyàwó kò ní gbà á.

Bí fọ́tò náà bá ti bàjẹ́ jù, ègé aṣọ tó kù lọ́wọ́ télọ̀ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n yà á lójú oòrùn, nítorí iná gbọ̀ngàn máa ń yí àwọ̀ padà. Bí télọ̀ bá ti sọ tirẹ̀ nù, aṣọ ẹbí ṣáà ni: ẹnì kan lára àwọn tó rà á á ṣì ní tirẹ̀ nínú àpótí.