Bí Ẹ̀rọ Àgbò Omi Ṣe Ń Gbé Omi Gòkè Láìlo Epo tàbí Iná, àti Ohun tí Ó Ń Dín Omi Rẹ̀ Kù

Ní ọ̀pọ̀ abúlé oko tí ó yí Alákìá ká, àti ní àwọn ìletò Lágelú, Ọ̀nà-Àrà àti Akínyẹlé, orí òkè ni ilé sábà máa ń wà, ìsàlẹ̀ ni odò máa ń ṣàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ omi ní láti rù ú gun òkè, tàbí kí ó máa ra epo bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ afami. Ẹ̀rọ kan wà tí kò nílò epo tàbí iná mànàmáná rárá: agbára odò náà fúnra rẹ̀ ni ó fi ń gbé omi gòkè. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó sì ṣe ìṣirò iye omi tí ó lè gbé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ náwó lé e lè kọ́kọ́ mọ̀ bóyá odò rẹ̀ tó o ṣe.

Ìdí tí a fi ń pè é ní àgbò

Ní ọdún 1772, John Whitehurst, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú ẹ̀rọ yìí kan, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń ṣí i tí ó sì ń pa á. Ní ọdún 1796, Joseph-Michel Montgolfier ti ilẹ̀ Faransé ṣe èyí tí ó ń dá ṣí tí ó sì ń dá pa. Orúkọ àgbò ni wọ́n fi pè é, nítorí pé kíkàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi inú ẹ̀rọ yìí ṣe ń kó eré jọ kí ó tó kàn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

A máa ń gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ibi tí a ti ń gba omi lọ. Páìpù irin kan ni ó ń gbé omi sọ̀kalẹ̀ wá sínú rẹ̀. A ó pe èyí ní páìpù ìwọlé. Fáàfù méjì ni ó wà lára ẹ̀rọ náà. Àkọ́kọ́ ni fáàfù ìdànù, tí omi ń gbà jáde padà sínú odò. Èkejì ni fáàfù ìgòkè, tí ó ń jẹ́ kí omi wọ inú ìkòkò irin kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí omi náà padà sẹ́yìn. Láti ìsàlẹ̀ ìkòkò yìí ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gba òkè lọ sí táǹkì.

Bí omi bá ti ń sọ̀kalẹ̀, fáàfù ìdànù ṣí sílẹ̀, omi sì ń jáde. Eré omi yóò máa pọ̀ sí i, títí yóò fi ti fáàfù náà pa lójijì. Omi tí ó ti ń sáré bọ̀ kò rí ọ̀nà mọ́, ó sì kàn gbì. Ẹni tí ó bá ti ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa lójijì rí, tí ó gbọ́ tí páìpù inú ògiri dún, ti gbọ́ irú ìkàn bẹ́ẹ̀. Agbára ìkàn náà ṣí fáàfù ìgòkè, omi díẹ̀ wọ inú ìkòkò, ó sì fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Nígbà tí agbára náà bá rọ̀, fáàfù ìgòkè yóò pa, fáàfù ìdànù yóò já wálẹ̀, omi yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ náà ni ó ń ti omi gun òkè láìdáwọ́ dúró. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 40 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán-tòru.

Iye omi tí a lè retí

Ẹ̀rọ yìí kì í dá agbára. Ó ń gba agbára omi púpọ̀ tí ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ń gbé omi díẹ̀ gòkè púpọ̀. Nínú agbára tí ó gbà, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ó sábà máa ń dé òkè. Ìyókù ń ṣòfò nínú páìpù àti fáàfù.

Ẹ jẹ́ kí a fi odò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Omi tí ó ń wọ ẹ̀rọ jẹ́ lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní mítà 2 kí ó tó dé ẹ̀rọ. Táǹkì wà ní mítà 14 sókè ẹ̀rọ náà. A ó sọ 60 di ìlọ́po 2, yóò jẹ́ 120. A ó fi 14 pín in, yóò jẹ́ bíi 8.6, a ó mú ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀, yóò ṣẹ́ku lítà 5 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ọjọ́ kan, èyí jẹ́ nǹkan bí lítà 7,400, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ọ̀ọ́dúnrún. Lítà bíi 55 tí ó kù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń padà sínú odò. Bí táǹkì bá ga tó mítà 28, ìdajì omi yìí ni yóò dé ibẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìdánwò

Òṣùwọ̀n ìgbà òjò ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí odò kan náà bá fà di lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ìṣirò yóò fún wa ní bíi lítà 2,470 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 99 péré. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí a ṣe fún lítà 60 lè má gbé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Lítà 20 kò ní sáré tó láti ti fáàfù ńlá náà pa. Omi yóò kàn máa dà nù ni. Nítorí náà, kí a wọn odò nígbà tí ó bá fà jù lọ, kí a sì ra ẹ̀rọ tí ó bá ìwọ̀n náà mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ jàǹfààní omi ìgbà òjò lè gbé ẹ̀rọ kékeré méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páìpù ìwọlé tirẹ̀, kí ó sì ti àwọn kan pa bí odò bá ti ń fà.

Korobá àti aago tó láti fi wọn odò kékeré: bí korobá onílítà 10 bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, lítà 20 ni omi náà ní ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, tí a bu omi sí, ni a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó, nítorí pé omi ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba. Bí ilẹ̀ kò bá rẹlẹ̀ tó mítà kan, ẹ̀rọ náà kì í sábà ṣe é lò.

Ohun tí ó máa ń bàjẹ́

Páìpù ìwọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kí ó gùn tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ìsọ̀kalẹ̀ omi náà. Páìpù oníke máa ń wú díẹ̀ nígbà tí omi bá kàn, ó sì ń gbé agbára ìkàn náà mì.

Etí ni a fi ń mọ àìsàn ẹ̀rọ yìí. Bí ìró rẹ̀ bá le, tí páìpù sì ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú ìkòkò ti tán, nítorí pé omi máa ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Kí a dá ẹ̀rọ náà dúró, kí a gbọ́n omi inú ìkòkò dànù, kí a sì wo ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bóyá ó ti dí. Bí ìró bá dákẹ́ tí omi sì ń dà nù, ó lè jẹ́ pé ewé tàbí òkúta ha sẹ́nu fáàfù ìdànù, tàbí pé odò ti fà. Asẹ́ lẹ́nu páìpù ìwọlé ni ó ń dènà pàǹtí. Bí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ọwọ́ ni a ó fi máa tẹ fáàfù ìdànù wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, títí omi yóò fi gun páìpù òkè dáadáa, kí ó tó lè dá ṣiṣẹ́.

Omi odò ṣì ni omi tí ó dé táǹkì. Ó dára fún ẹ̀fọ́, adìẹ àti ìfọṣọ. Kí a sè é kí a tó mu ún.